Ìwé Ẹ̀sùn Tí Mo Kọ Lórí Apá Ọmọ Mi

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, já bọ́ látorí igi kajú nítòsí Kábà ní àsìkò tí kajú ń so. Egungun méjèèjì tó wà láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ ṣẹ́. Irú egungun bẹ́ẹ̀ máa ń jinná dáadáa lára ọmọdé. Kì í ṣe ìṣubú náà ló ba apá ọmọ mi jẹ́, àwọn wákàtí tó tẹ̀lé e ni. Mo fẹ́ sọ bí a ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ Àwọn Oníṣègùn àti Oníṣègùn Eyín ní Nàìjíríà, tí a ń pè ní MDCN, pàápàá bí a ṣe kọ ìwé ẹ̀sùn ọ̀hún. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ Ọ̀kún ní irú ọ̀rọ̀ yìí nínú tí wọ́n kàn gbé e mì.

Ọ̀sán Ọjọ́ Ẹtì ni. A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan. Wọ́n ya fọ́tò egungun, dókítà tẹ egungun náà padà sí àyè rẹ̀, ó sì fi pí-ó-pì yí apá ọmọ náà ká láti òkè ìgúnpá títí dé ìdí ìka. Ó yí i ká pátápátá, wọn kò là á níbì kankan. Bẹ́ẹ̀ apá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́ ṣì máa wú. Ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà egungun fi sábà máa ń kọ́kọ́ lo pí-ó-pì tó gba ẹ̀yìn apá nìkan, tí wọ́n á fi báńdéèjì so, tàbí kí wọ́n la èyí tó yí ká láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tí apá bá ń wú nínú ohun tí kò lè fẹ̀, ẹran inú rẹ̀ á fún àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pa, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní rí ọ̀nà wọlé mọ́. Ẹran tí kò bá rí ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, èyí tó bá sì ti kú kì í jí mọ́.

Àmì rẹ̀ kì í fara sin fún ẹni tó bá wò ó. Ọmọ á máa ké ìrora tó ju ti egungun tó ṣẹ́ lọ, oògùn ìrora kò sì ní ràn án. Tí ẹ bá rọra na ìka rẹ̀, igbe á pọ̀ sí i. Ìka á wú, á bẹ̀rẹ̀ sí í kú tìpìrì. Ohun tó ń tan èèyàn jẹ ni pé ìka náà lè ṣì gbóná, kí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ kàn lọ́rùn ọwọ́ ṣì máa lù, nígbà tí ẹran inú apá ti ń kú lọ. Ìtọ́jú rẹ̀ ni kí wọ́n la pí-ó-pì náà lójú ẹsẹ̀, òun àti òwú abẹ́ rẹ̀, títí tí awọ ara á fi hàn. Bí ara kò bá tù ú, iṣẹ́ abẹ ni, láti ṣí awọ apá àti awọ inú tó bo ẹran kí ẹ̀jẹ̀ lè padà wọlé. Mi ò mọ èyíkéyìí nínú gbogbo èyí lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé igbe tí ọmọ mi ń ké kì í ṣe igbe tí mo mọ̀ mọ́ ọn.

Ní aago 8:14 alẹ́, mo pe dókítà náà lórí fóònù. Ní 8:20 mo fi fọ́tò ìka ọmọ náà ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìka wú, kò lè mì wọ́n, oògùn tí wọ́n fún wa kò ràn án. Ní 8:41 ó fèsì pé kí a gbé apá náà sórí ìrọ̀rí, kí a tún fún un ní oògùn, pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Nígbà tó di 9:35, a ti gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ pe dókítà, ó fún ọmọ ní abẹ́rẹ́ ìrora, ó tún fún un ní òmíràn ní 1:10 òru. Dókítà dé ní 7:25 àárọ̀. Aago mọ́kànlá ni wọ́n tó la pí-ó-pì náà. Wọ́n fún wa ní lẹ́tà pé kí a máa lọ sí Lọ́kọ́ja, a gba ọ̀nà Ọ̀bàjánà, a sì dé ilé ìwòsàn ńlá ní 1:15 ọ̀sán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbé e wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ọ̀pọ̀ nínú ẹran tó ń mú ìka ká ti kú.

Nígbà tí a padà sílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti ní ìwé ẹ̀sùn kan lọ́wọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ó dùn ún gan-an ni, ọmọ náà ni àyànfẹ́ rẹ̀. "Ìyàwó wa," ó ní, "a gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé apànìyàn ni. Ká kọ ọ́ pé ó ti mutí yó lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Kí Àbújá mọ irú ẹni tó jẹ́."

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló rí i níbi tó ti ń mutí?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n kàn ń sọ ọ́ káàkiri ni. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ wọn, mo sì lọ bá bàbá kan ní Ìyárà tó ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì ní ẹ̀ka tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn ní ilé ìwòsàn ìjọba. Bàbá kí mi, "Ọ̀kún o, Tíṣà," wọ́n ní kí n jókòó, wọ́n ka ìwé náà tán, wọ́n sì ní kí n mú bírò. Gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi ìka tọ́ka sí. "Ìwé wo ló wà lábẹ́ èyí?" Bí kò bá sí ìwé, tí kò sì sí ẹni tó fojú ara rẹ̀ rí i, wọ́n á ní kí n fa ilà sí i. Nígbà tí a ṣe tán, ojú ewé mẹ́rin ti di nǹkan bí ìdajì ojú ewé kan. Inú bí mi díẹ̀, nítorí mo rò pé wọ́n ti yọ gbogbo agbára inú rẹ̀. Bàbá ní, "Ohun tó kù yìí, ta ló lè sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀?"

Mo wá rí i lẹ́yìn náà pé òfin gan-an ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà máa ń béèrè pé kí ìwé ìbúra ti ẹ̀sùn lẹ́yìn, èyí tí èèyàn búra sí níwájú òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní abala 115, sọ pé ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló gbọ́dọ̀ wà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àríyànjiyàn òfin kò sí níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀, ìdájọ́ kò sí níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn ló sọ nǹkan fún ọ, o gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà, kí o sọ ìgbà àti ibi tó ti sọ ọ́. Tí mo bá kọ ọ́ pé ó mutí, mo ní láti kọ orúkọ ẹni tó sọ fún mi síbẹ̀. Orúkọ ta ni mo fẹ́ kọ?

Ohun kejì tí lọ́yà wa ṣàlàyé ló yà mí lẹ́nu jù. Ní ọdún 1968, nínú ẹjọ́ Denloye, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ pé bí ohun tí wọ́n fi kan dókítà bá jẹ́ ìwà ọ̀daràn, ilé ẹjọ́ ló ni irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìbáwí. Ẹni tó bá wá kọ "apànìyàn" tàbí "ayédèrú ìwé" sínú ẹ̀sùn rẹ̀ ti fún lọ́yà dókítà ní ohun tó máa fi sọ pé kí ìgbìmọ̀ náà kọ́kọ́ dúró ná. Ìbínú tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ fi ràn wá lọ́wọ́ ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú.

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé jọ. Mo kọ lẹ́tà sí ilé ìwòsàn náà pé mo fẹ́ ẹ̀dà gbogbo àkọsílẹ̀ ọmọ mi. Ẹ̀dà méjì ni mo mú lọ, mo fi ọ̀kan sílẹ̀, mo ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti déètì sí èkejì fún mi. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ló fi dandan lé e pé kí ilé ìwòsàn tọ́jú àkọsílẹ̀ aláìsàn kọ̀ọ̀kan, Òfin Ààbò Dátà ti ọdún 2023 sì fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀. Mo kọ orúkọ òfin méjèèjì sínú lẹ́tà náà láìfi ọ̀rọ̀ gbígbóná kún un. Wọ́n fi wá ṣeré títí, àmọ́ nígbà tí lọ́yà fi lẹ́tà tirẹ̀ tẹ̀lé e, wọ́n kó o fún wa. Mo dúpẹ́ pé a ti béèrè ìwé kí wọ́n tó gbọ́ pé a fẹ́ fẹjọ́ sùn.

Inú àkójọ yẹn ni ohun tó gbóná jù nínú ọ̀rọ̀ yìí wà. Ní àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí dókítà tó dé, ọkọ mi ti fi fóònù ya fọ́tò ìwé tí nọ́ọ̀sì ń kọ nǹkan sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Fóònù fi hàn pé 6:52 ló yà á. Nínú fọ́tò yẹn, ohun tí wọ́n kọ sí 9:35 ni pé ọmọ ń sunkún, ìka wú, dókítà ti gbọ́, ó ní kí a fún un ní abẹ́rẹ́. Ohun tó tẹ̀lé e ni abẹ́rẹ́ ti 1:10. Kò sí nǹkan kan láàárín méjèèjì. Nínú ẹ̀dà tí ilé ìwòsàn kó fún wa lẹ́yìn náà, ìlà kan ti wà níbẹ̀ fún aago méjìlá òru, pé wọ́n yẹ ìka wò, ó gbóná, kò sí ìṣòro.

Ẹ lè fojú inú wo bí ilé wa ṣe gbóná lálẹ́ ọjọ́ tí a rí i. Ẹ̀gbọ́n ní, "Ẹ ò rí i! Ayédèrú nìyẹn! Ọgbà ẹ̀wọ̀n ló yẹ wọ́n!" Òótọ́ ni pé òfin ọdún 2014 yẹn sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti parọ́ sínú àkọsílẹ̀ aláìsàn. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ẹni tó kọ ìlà náà, mi ò sì mọ ìgbà tó kọ ọ́. Ohun tí mo kọ sínú ìwé ìbúra nìyí:

"Ìwé tí a sàmì sí D ni fọ́tò ìwé àkíyèsí nọ́ọ̀sì, tí ọkọ mi fi fóònù rẹ̀ yà níṣojú mi ní aago 6:52 àárọ̀ Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ìwé tí a sàmì sí E ni ẹ̀dà ìwé àkíyèsí kan náà tí ilé ìwòsàn fún mi. Àkọsílẹ̀ aago méjìlá òru wà nínú E. Kò sí nínú D."

Mi ò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á béèrè ìbéèrè tó yẹ kó béèrè. Nítorí pé fọ́tò fóònù àti ọ̀rọ̀ Wásáàpù jẹ́ ẹ̀rí tó ti inú ẹ̀rọ jáde, lọ́yà ní kí ọkọ mi àti èmi fọwọ́ sí ìwé ẹ̀rí tí abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ń béèrè, tó sọ irú fóònù tó jẹ́ àti pé ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà. A kò sì pa ohunkóhun rẹ́ lórí fóònù méjèèjì.

Ní ti àkókò, ọkọ mi dá ara rẹ̀ lójú pé aago méje ni mo pe dókítà. Àkọsílẹ̀ fóònù sọ pé 8:14 ni. Ti fóònù ni a kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé aago méje ni ì bá gbè wá jù. Láti 8:14 alẹ́ dé aago mọ́kànlá àárọ̀ jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlá àti ìṣẹ́jú mẹ́rìndínláàádọ́ta, ìyẹn sì ti ju mẹ́fà lọ láìsí àfikún ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan tún kù tí mo fẹ́ sọ nípa rẹ̀, dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ní Lọ́kọ́ja. Èèyàn rere ni, kò sì ní fẹ́ bú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Bí mo bá ní kó kọ ọ́ pé dókítà àkọ́kọ́ jẹ̀bi, á kọ̀, ìyẹn á sì ba àárín wa jẹ́ nígbà tí ọmọ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo tọrọ ni ẹ̀dà àkọsílẹ̀ iṣẹ́ abẹ àti ìròyìn ohun tó rí. Ó fi tayọ̀tayọ̀ fún mi. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àmì pí-ó-pì tó fún apá pinpin wà lára awọ, ó kọ bí àwọ̀ ẹran náà ṣe rí nígbà tó ṣí i, èyí tó ta nígbà tó fọwọ́ kàn án àti èyí tí kò ta mọ́, àti ìwọ̀n tó gé kúrò. Mi ò nílò kó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi lẹ́yìn ìyẹn.

Ẹni tí a fẹ̀sùn kàn náà ṣe pàtàkì. Àwọn dókítà tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ìgbìmọ̀ náà ń bá wí. Ilé ìwòsàn kọ́ ni wọ́n ń bá wí, nọ́ọ̀sì sì ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. A rí orúkọ dókítà náà ní kíkún lára lẹ́tà tó fi gbé wa lọ sí Lọ́kọ́ja, a sì rí i dájú pé dókítà tó forúkọ sílẹ̀ ni. Àwọn ará ìta ń sọ pé kí a fi àwòrán rẹ̀ sórí Fesibúùkù. Mo kọ̀. Ẹ̀sùn tí èèyàn fi òótọ́ inú gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ ọ ní ààbò lábẹ́ òfin ìbanilórúkọjẹ́. Èyí tó bá ti di ti gbogbo ayé kò ní irú ààbò yẹn.

Ìwé méjì ni a fi ránṣẹ́ sí Rẹjísírà ìgbìmọ̀ náà ní Àbújá. Ìwé ìbúra ni àkọ́kọ́, tí mo búra sí ní ilé ẹjọ́ gíga ní Kábà, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rí tí a fi lẹ́tà sàmì sí. Èkejì jẹ́ lẹ́tà kúkúrú. Inú lẹ́tà ni a ti sọ ohun tí a ń béèrè, nítorí ìwé ìbúra kò gba ẹ̀bẹ̀. Ìwé ìlànà ìwà iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ gbé jáde ka oríṣi àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. A tọ́ka sí mẹ́ta nínú wọn: kí dókítà má tètè dá aláìsàn tó nílò ìtọ́jú kíákíá lóhùn nígbà tó wà ní ipò láti ṣe é, kí ó má tètè gbé aláìsàn ránṣẹ́ síbi tó yẹ, àti kí ó má wo aláìsàn bí àìsàn rẹ̀ ṣe gbà tàbí kọ ohun tó rí sílẹ̀ bó ti yẹ. A kò sọ pé ó jẹ̀bi. A ní kí wọ́n fi ohun tó wà nínú ìwé ìbúra wé ohun tí àwọn fúnra wọn kọ.

Wọ́n fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí dókítà náà kó fèsì, ìdáhùn rẹ̀ sì dé ọwọ́ wa. Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ fún òun lálẹ́ ọjọ́ náà pé ọmọ kò lè mì ìka, ó ní ìrora lásán ni òun gbọ́. Ó tún ní àwọn nọ́ọ̀sì yẹ ìka wò láàárín òru, ó sì tọ́ka sí àkọsílẹ̀ aago méjìlá. Èsì tiwa kò gùn rárá. Fún ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, a ní kí wọ́n wo ẹ̀rí B, ọ̀rọ̀ Wásáàpù ti 8:20 àti ìdáhùn tó fúnra rẹ̀ fún un ní 8:41. Fún èkejì, a ní kí wọ́n wo D àti E.

Àwọn olùṣèwádìí pè wá. Wọ́n ní kí a mú fóònù náà gan-an dání, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n bi ọkọ mi ní ibi tó dúró sí nígbà tó ya fọ́tò náà àti ẹni tó wà nínú yàrá. Kò sẹ́ni tó bi wá ní bí inú wa ti bàjẹ́ tó. Nígbà tó yá, lẹ́tà dé pé dókítà náà ní ẹjọ́ láti jẹ́, pé wọ́n ti gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ìbáwí wọn. Ilé ẹjọ́ yẹn lè kìlọ̀ fún un, ó lè dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́ fún ìgbà tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé. Bí ìdájọ́ kò bá tẹ́ dókítà náà lọ́rùn, ó lè pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ilé ẹjọ́ ìbáwí náà kò lè pàṣẹ pé kó san kọ́bọ̀ fún wa. Owó ìtọ́jú apá ọmọ mi, àti iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ní ó ṣì kù láti tú àwọn ìka tó ká, ẹjọ́ mìíràn ni ní ilé ẹjọ́ gíga, lọ́yà sì ti ń kọ ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹ̀rí kan náà. Alága ìgbìmọ̀ ló ń ṣe olórí ilé ẹjọ́ ìbáwí náà, kò sì lè jókòó bí ìjọba kò bá tíì yan ìgbìmọ̀, nítorí náà mo ń béèrè lọ́wọ́ ọ́fíìsì Rẹjísírà nínú lẹ́tà, tí mo ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀, pé ọjọ́ wo ni wọ́n dá fún wa.